Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípàdé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru: báwo ni mo ṣe máa sọ pé orí fífọ́ kọ́ ni bípíì, tí ò ní ba nǹkan jẹ́?

Ọmọ_Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ti ní kí n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípàdé àdúgbò wa tó ń bọ̀, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, orí àwọn nǹkan tí a gbà gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni màá sì ti sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, mo kàn máa ń ran àwọn elétò ìlera lọ́wọ́ ni.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti orí fífọ́. Obìnrin kan wà láàárín wa, kété tí orí bá ti fọ́ ọ, á ní bípíì òun ti gòkè, á lọ mú lára oògùn ọkọ rẹ̀ mì. Ọkùnrin kan náà wà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n tó lé ní 170, ó ní irọ́ ni mẹ́ṣìn ń pa torí pé orí kì í fọ́ òun. Ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ọ̀kan ń mu oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀, èkejì ò mu èyí tó yẹ kó mu.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí mo bá dìde tí mo ní "orí fífọ́ kọ́ ni bípíì", ẹlòmíì lè gbọ́ ọ pé orí fífọ́ ò jẹ́ nǹkan kan. Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Bàbá_Àgbà68

Ọmọ mi, o kú làálàá, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ohun tó o fẹ́ lọ sọ yìí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́ ló gbé mi dé ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, wọ́n wọ̀n ọ́n ó jẹ́ 170/100. Láti ìgbà náà mo ti mọ ti ara mi. Tó bá ti fẹ́ gòkè, ẹ̀yìn ọrùn mi á máa fà, orí á máa lù kìkì, mo bá mu oògùn mi, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti lọ. Ọjọ́ tí kò bá sí nǹkan kan mi ò dà á láàmú. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé ohun tí ara mi ń sọ fún mi kì í ṣe òótọ́?

Onímẹ́ṣìn

Ọmọ_Àdúgbò, ohun tó rọrùn jù ni kó o gbé mẹ́ṣìn dání. Èmi máa ń bá wọn wọ̀n ọ́n níbi àpéjọ, tí ẹnì kan bá ti ní orí ń fọ́ òun màá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Bàbá ọ̀wọ́n, ẹ ò ní ìṣòro kankan, ọgọ́rùn-ún lẹ máa fi kún ọjọ́ orí yín, tí nọ́ńbà òkè ò bá ti kọjá 168, ó ṣì dáa fún yín.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn kí n má tíì fèsì.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ọgọ́rùn-ún àti ọjọ́ orí yìí kúrò nílẹ̀. Onímẹ́ṣìn, wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Tó bá ti tó 140/90 ní ọsibítù, lọ́jọ́ méjì ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn fún àgbàlagbà yòówù, ọmọ ọdún 30 ni o, ẹni ọdún 70 ni o. Tí ẹni náà bá ti darúgbó gan-an, dókítà lè fara balẹ̀ yan ibi tó fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé, ṣùgbọ́n 168 kì í ṣe nọ́ńbà tí a ń pè ní dáadáa fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní sọ pé ara yín ń parọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni èwo ló ṣáájú nínú méjèèjì. Ìrora fúnra rẹ̀ máa ń ti bípíì sókè. Ẹni tí eyín ń ro, ẹni tí egungun rẹ̀ yẹ̀, ẹni tí ò sùn, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, gbogbo wọn ló lè fi 20 kún nọ́ńbà wọn fún wákàtí díẹ̀. Tí orí bá wá ń fọ́ èèyàn tó sáré gbé mẹ́ṣìn, tó rí nọ́ńbà tó ga, ó máa ní "ẹ ò rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀". Kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí fífọ́ yẹn ló gbé nọ́ńbà sókè.

Kí n sọ èyí tí mo fojú mi rí. Obìnrin kan tó lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún 35 wá bá wa lóru, orí ti ń fọ́ ọ láti àárọ̀, ó ti wọ̀n ọ́n nílé ó rí 158/96, ó tún un wọ̀n ó tún ga sí i, ó tún un wọ̀n ó tún ga sí i, ẹ̀rù ti bà á dé góńgó. Mo bi í bó ṣe wọ̀n ọ́n. Ó ní òun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, òun so aṣọ mẹ́ṣìn lé orí apá súwẹ́tà, ọwọ́ òun wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, òun sì ń bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́. Ìtọ̀ tún ń gbọ̀n ọ́n.

Mo ní kó lọ tọ̀ ná. Ó dé, mo ní kó jókòó kó fẹyìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé ọ̀kan, mo ní kó bọ́ súwẹ́tà, mo gbé apá rẹ̀ lé tábìlì kí aṣọ mẹ́ṣìn lè ṣe déédéé ọkàn rẹ̀, mo wá ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àkọ́kọ́ jẹ́ 146/90. Mo dúró fún ìṣẹ́jú kan, 136/84. Mo tún dúró, 132/82. Mo pa àkọ́kọ́ tì, mo ro méjì tó kù pọ̀ mo pín in, ó fún mi ní 134/83.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ_Àdúgbò gbé lọ sípàdé rèé: nọ́ńbà ti sọ̀ kalẹ̀ láti 158 sí 134, àmọ́ nígbà tí mo bi í pé orí yẹn ńkọ́, ó ní bó ṣe ń fọ́ òun láti àárọ̀ náà ló ṣì ń fọ́ òun. Tó bá jẹ́ bípíì ló ń fọ́ ọ lórí, ìbá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Dókítà bá a sọ̀rọ̀ títí, ohun tó jáde ni pé ó ti lé ní oṣù márùn-ún tó ti ń lo oògùn ìrora alápòpọ̀, ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Tí èèyàn bá ń lo irú ẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù, tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn yẹn gan-an máa ń di ohun tó ń fọ́ orí. Wọ́n ní kó dá a dúró, wọ́n sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé orí máa kọ́kọ́ fọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan kó tó rọ̀. 134/83 náà ò jìnnà sí ẹnu ààlà, mo sì ní kó máa wọ̀n ọ́n nílé.

Bàbá, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Fún ọjọ́ méje, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe júwe ẹ̀ yẹn. Kẹ́ ẹ tó fi mẹ́ṣìn sọ́wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tí ara yín ń sọ fún yín pé ó jẹ́ sórí pépà, kí ẹ wá kọ ti mẹ́ṣìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ tún kọ bóyá orí ń fọ́ yín tàbí kò fọ́. Ẹ má pa èyíkéyìí rẹ́. Kí ẹ jọ̀wọ́ padà wá sọ fún wa.

Apòògùn

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé amilodipíìnì lẹ ń lò? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Oògùn yẹn ò yára. Ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára, bákan náà ló sì máa ń pẹ́ kó tó múlẹ̀, tí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ débi tó yẹ kó dé. Ẹni tó mu hóró kan lọ́sàn-án torí orí fífọ́, tí orí náà sì lọ nírọ̀lẹ́, kì í sábà jẹ́ oògùn yẹn ló lé e lọ. Ọ̀pọ̀ orí fífọ́ ló máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Oògùn wá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe, ẹni náà á sì fi ọdún mọ́kànlá gbà pé òun ti mọ bí òun ṣe ń lò ó.

Èyí tó tún burú síbẹ̀ ni pé amilodipíìnì fúnra rẹ̀ máa ń fọ́ àwọn kan lórí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé ó ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí ẹni tí orí fọ́ tó ní "bípíì mi ti gòkè", ló bá mu méjì. Orí tún wá fọ́ ọ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Kò gòkè o, oògùn ló pọ̀ jù.

Àwọn tó ń mu aibupuroféènì tàbí daikilofénáàkì fún orí fífọ́ náà ni kẹ́ ẹ sọ fún, Ọmọ_Àdúgbò. Àwọn méjèèjì máa ń gbé bípíì sókè, wọ́n sì máa ń dí oògùn bípíì lọ́wọ́. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, parasitámọ́ọ̀lù ni kó kọ́kọ́ rò, òun náà kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń mu lójoojúmọ́.

Túúlu_Ló_Ń_Ṣe_Mí

Ọ̀rọ̀ mi lẹ ń sọ yìí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ríru lára mi. Orí á máa fọ́ mi ní ẹ̀gbẹ́ kan, á máa lù, iná á máa dà mí láàmú, èébì á máa gbé mi, ariwo kékeré báyìí á dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu agogo sí mi létí. Ìgbà tí mo bá wà nínú ìrora yẹn náà ni wọ́n máa ń wọ̀n mí, á lé díẹ̀ ní 140, wọ́n ní òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wọ̀n mí lọ́jọ́ tí ara mi yá rí. Dókítà kan ló wá bi mí bóyá ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ mí lẹ́nu, ó ní kí n wọ̀n ọ́n nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹ̀ wà ní nǹkan bí 118/74. Túúlu ni. Mo ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀ báyìí, àmọ́ ọdún méjì ti lọ, òòyì sì máa ń kọ́ mi nígbà yẹn tí mo bá dìde lójijì.

Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn nípàdé pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ara yá pẹ̀lú.

Ìyá_Lọ́nà

Ẹ ṣeun gan-an o, ọkàn mi ti balẹ̀. Oyún oṣù méje ni mo ní, orí ti ń fọ́ mi láti àná, parasitámọ́ọ̀lù ò ràn án, mo sì ń rí nǹkan tó ń tàn wìnnì wìnnì lójú, ojú mi náà wú díẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bóyá bípíì ni kí n tó ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí. Ó ti yé mi báyìí pé kì í ṣe òun, màá kàn sinmi.

Nọ́ọ̀sì_Òru

ÌYÁ_LỌ́NÀ, Ẹ MÁ SINMI O. Ẹ dìde báyìí kí ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín, ẹ má dúró di àárọ̀. Ohun tí à ń sọ lókè kò kan aboyún. Tí oyún bá ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀, tí orí ń fọ́, tí nǹkan ń tàn lójú, tí ojú wú, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tó lè di gìrì mọ́ ìyá lára. Kí wọ́n wọ̀n yín, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ yín wò. Ẹ kọ ọ́ síbí tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀.

Ọmọ_Àdúgbò

Ara mi gbọ̀n nígbà tí mo ka ti Ìyá_Lọ́nà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀ níbí yìí, a ò tíì dé ìpàdé. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, orí fífọ́ wo ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n sáré fún?

Nọ́ọ̀sì_Òru

Má jẹ́ kó pọ̀ jù, wọn ò ní rántí. Aboyún, àti ẹni tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, kí ìwọ dá tiwọn sọ lọ́tọ̀, kó o sì wojú wọn sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, orí tó dédé fọ́ bí ìgbà tí àrá sán, tó le dé òkè téńté láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí fífọ́ tí ibà àti ọrùn gígan bá a rìn. Orí fífọ́ tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ò lágbára, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ẹni náà lẹ́nu, tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́. Orí fífọ́ lẹ́yìn tí èèyàn fi orí gbá nǹkan. Gbogbo wọn, ọsibítù ni, bípíì ga o, kò ga o.

Nọ́ńbà náà ní tiẹ̀. Tó bá tó 180/120, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú ń ṣú tàbí tí mo bá rí èyíkéyìí nínú àwọn tí mo kà lókè, ìyẹn pàjáwìrì ni. Tó bá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, kó jókòó jẹ́ẹ́ kó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí kò bá sọ̀, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́ oògùn sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ pé kó yára sọ̀ kalẹ̀. Tó bá já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ tó, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ á wá ti ibẹ̀ ní in.

Tíṣà_Àgbà

Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa jáde lẹ́nu. Àbúrò, má fi "àwọn èèyàn máa ń sọ pé orí fífọ́ ni bípíì" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbólóhùn yẹn nìkan ló máa gbọ́, á gbé e lọ sílé pé o sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni kó o kọ́kọ́ sọ: "Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Mẹ́ṣìn nìkan ló lè sọ bóyá ó ti wọlé." Ṣe sùúrù kó wọ̀ wọ́n létí, kó o wá sọ ti obìnrin 158 tó di 134 tí orí ṣì ń fọ́, sọ ọ́ bí ìtàn, má kánjú, sọ súwẹ́tà, sọ fóònù, sọ ìtọ̀. Àwọn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé á ti máa wo ara wọn lójú.

Àwọn orí fífọ́ tó léwu yẹn, ìparí ni kó o fi wọ́n sí. Ohun tí èèyàn gbọ́ kẹ́yìn ló ń bá a délé.

Onímẹ́ṣìn

Mo ti gbọ́ ti ọgọ́rùn-ún àti ọjọ́ orí, mo gbà, wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ka á níbì kan pé tó bá ti kọjá 120/80 ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹ̀yin ń sọ 140. Èwo ni ká mú? Mo ṣì dúró lórí pé ká wọ̀n gbogbo èèyàn níbi ìpàdé yẹn o.

Nọ́ọ̀sì_Òru

120/80 kọ́. Láti ọdún 2017 àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ń lo 130/80, ọ̀pọ̀ ibòmíràn àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì ń lo 140/90. Tó bá jẹ́ nílé lẹ wọ̀n ọ́n, 135/85 la fi ń dọ́gba pẹ̀lú 140/90 ti ọsibítù. Nípàdé, ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ mú 140/90.

Wíwọ̀n níbi ìpàdé ni mi ò fẹ́. Èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, ariwo wà, wọ́n tò sílà, wọ́n ń sọ̀rọ̀, aṣọ mẹ́ṣìn kan náà lẹ fẹ́ fi so apá tó tóbi àti apá tó tín-ín-rín. Tí aṣọ mẹ́ṣìn bá kéré fún apá, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ogójì èèyàn á gba nọ́ńbà tí kì í ṣe tiwọn, ìwọ tún fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Nọ́ńbà ẹni, ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ni.

Apòògùn

Níbí yìí mo wà lẹ́yìn Onímẹ́ṣìn díẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ nípa ariwo, àmọ́ àwọn kan wà nípàdé yẹn tí wọn ò tíì wọ̀n bípíì láyé wọn rí, tí wọn ò sì ní lọ síbì kan kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin tó lé ní 170 tí Ọmọ_Àdúgbò sọ yẹn, níbi àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń rí irú wọn. Ẹ yà yàrá kan sọ́tọ̀, àga mẹ́ta, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n wọ́n, aṣọ mẹ́ṣìn ńlá àti kékeré, kí a kọ nọ́ńbà sí pépà ká ká a lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Ẹni tó bá ga, ẹ ní kó lọ tún un wọ̀n ní ọsibítù, ẹ má sọ fún un pé ó ti ní in.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Tí yàrá bá wà, tí ẹni tó máa dúró tì í bá wà, mo gbà. Tí kò bá sí, mi ò gbà.

Ìyá_Lọ́nà

Ẹ kú ọ̀sán o. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo ti ń kọ ọ́. 158/104 ni, wọ́n rí purotéènì nínú ìtọ̀ mi. Wọ́n ti ń fún mi lóògùn, wọ́n ń gbọ́ ọkàn ọmọ lójoojúmọ́, wọn ò tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ́ kí n lọ. Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Àmín o. Orí tún fọ́, ojú tún ṣú, tàbí ibi ikùn lókè lábẹ́ ìhà ọ̀tún dùn yín, ẹ pe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ òru tó.

Bàbá_Àgbà68 (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ)

Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, mo ti ṣe é. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́ kí n má baà yí i padà. Ọjọ́ kejì láàárọ̀, orí ò fọ́ mi rárá, mo kọ 130 pé òun ló máa jẹ́, mẹ́ṣìn ní 154/92. Ọjọ́ kẹrin nírọ̀lẹ́ ni orí wá fọ́ mi bó ṣe máa ń fọ́ mi, ọrùn ń fà, mo kọ 175, mo gbà pé ọjọ́ náà nìyí. Mẹ́ṣìn ní 148/90. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, 148/89. Mo bínú sí mẹ́ṣìn, mo ní kí ọmọ náà wọ̀n ara rẹ̀, tiẹ̀ jẹ́ 112/70. Ọjọ́ karùn-ún láàárọ̀, ara mi yá gágá, 156/93.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sún mọ́ ohun tí mẹ́ṣìn sọ. Ọmọ náà ò ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó ro ìyókù pọ̀ ó pín in, ó ní 152/91 ni. Hóró oògùn kan ṣoṣo ni mo mu láàárín ọjọ́ méjèèje, lọ́jọ́ tí orí fọ́ mi. Amilodipíìnì náà ni, Apòògùn sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára ni àwọn ọjọ́ tí ara mi yá láti ọdún mọ́kànlá, tí mi ò wọ̀n ọ́n, tí mi ò mu nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ ṣeun Bàbá. Ẹ má ṣe mu méjì láti fi dí ti àtẹ̀yìnwá o. Ọ̀kan lójúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ní àkókò kan náà, orí fọ́ o, orí ò fọ́ o. Kẹ́ ẹ gbé pépà yẹn lọ bá dókítà yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kì í ṣe 152/91 nìkan, kẹ́ ẹ sì sọ fún un bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó látẹ̀yìn wá. Kó yẹ kíndìnrín yín wò, kó yẹ ojú yín àti ọkàn yín wò. Ọrùn tó ń fà yẹn náà, ẹ sọ ọ́ fún un, ó ní ibi tó ti ń wá tiẹ̀.

Ọmọ_Àdúgbò

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ lè gbà mí láyè kí n ka nọ́ńbà yín fún wọn, ohun tẹ́ ẹ kọ àti ohun tí mẹ́ṣìn sọ? Mi ò ní sọ ẹni tó ni ín.

Bàbá_Àgbà68

Kà á. Má dárúkọ mi, ṣùgbọ́n sọ ọjọ́ orí mi, kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn lò ń bá wí. Sì ka ti ọjọ́ karùn-ún láàárọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.